Wọ́n dá ìwé àlàyé ìjàm̀bá mi padà, wọ́n ní kò yé àwọn

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Máíkírà kan gbá ọkọ̀ mi ní Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn, láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Mo ní inṣọ́ránsì ńlá, èyí tó máa ń tún ọkọ̀ tèmi náà ṣe. Ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn nìyí: "Mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi ni Máíkírà kan tó ń sáré àsápajúdé ṣàdédé yọ, ó sì gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì." Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò yé àwọn, kí n ya àwòrán, kí n sì kọ nípa ẹlẹ́rìí. Kí ni kò yé wọn níbẹ̀? Mi ò sì mọ àwòrán-án yà rárá.

* * *

Dẹ́rẹ́bà Gbọ̀ngán

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ o. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ jẹun, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé gbogbo gbólóhùn tí ẹ bá fi kún un, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ohun tí wọ́n á fi sọ pé àwọn ò sanwó. Ẹ ya àwòrán kékeré kan, ẹ kọ orúkọ ẹni kan sí i, ó parí. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ kọ láéláé ni ohun tó lè fi hàn pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

* * *

Awonòfò

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Ibo gan-an ló wọlé lára ọkọ̀ yín? Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni àbí ti iwájú? Níbo sì ni Máíkírà náà ti ń bọ̀, ṣé ẹ̀yìn yín ni àbí òdìkejì?

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ilẹ̀kùn iwájú lápá òsì ni, ilẹ̀kùn tèmi gangan. Ó wọlé láti ibi díńgí ẹ̀gbẹ́ títí dé ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà iwájú náà sì ká. Ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀, ọ̀nà Ológunẹ́rú ni àwa méjèèjì kọjú sí.

* * *

Awonòfò

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín, tí ẹ sì ń lọ tààrà nínú ìlà tiyín, bọ́ḿpà ẹ̀yìn ni yóò gbá. Bí ó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá tí kò mọ ìwọ̀n, yóò họ ara ọkọ̀ yín gbọọrọ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Àmọ́ kí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ó sì ká fẹ́ńdà, á jẹ́ pé imú ọkọ̀ yín ti ń ya sí òsì nígbà tí ó dé. Ṣé ẹ fẹ́ ya síbì kan ni?

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo fẹ́ ya wọ ilé epo tó wà lápá òsì. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n má kọ ọ́, pé tí mo bá ti kọ pé mo ń yà, wọ́n á ní èmi ni mo dá a sílẹ̀.

* * *

Awonòfò

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ yọ kúrò gan-an ni ohun tí kò jẹ́ kí ìwé náà yé wọn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka irú ìwé yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi sì tún ni láti lọ wo ọkọ̀ náà ní gáréèjì. Kí n tó ka gbólóhùn kan, mo ti rí fọ́tò ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yín ti sọ pé ẹ ń yà. Ìwé yín ní ẹ ò yà. Ohun tó kù fún ẹni tó ń kà á ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ẹ tún fi pamọ́, ibẹ̀ sì ni kíléèmù ti ń di ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rò ni èyí: inṣọ́ránsì ńlá lẹ ní. Bí ẹ̀yin tilẹ̀ lẹ jẹ̀bi, wọ́n á tún ọkọ̀ yín ṣe, wọ́n á kàn yọ iye tí àdéhùn yín ní kí ẹ dá san. Nítorí awakọ̀ tó lè ṣàṣìṣe lójú títì ni wọ́n ṣe ń ta irú rẹ̀. Ó ní àwọn nǹkan tó lè bà á jẹ́, bíi kí ènìyàn mu ọtí wakọ̀ tàbí kí ó wakọ̀ láìní láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n yíyà wọ ilé epo kò sí lára wọn. Irọ́ inú ìwé àlàyé ló wà lára wọn. Ẹ fẹ́ sá fún ohun tí kò lè pa yín lára, ẹ wá ń sáré lọ bá èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún tiyín ṣe tán, àwọn ló máa lọ bá ẹni tó ní Máíkírà tàbí inṣọ́ránsì rẹ̀ pé kí ó dá owó padà. Ó sì lè jẹ́ òun ló máa wá bá wọn. Lọ́nà méjèèjì, ìwé yín ni wọ́n á mú lọ. Bí agbẹjọ́rò bá na ìwé yín sókè, tí ẹlòmíì sì na fọ́tò ilẹ̀kùn sókè, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

* * *

Dẹ́rẹ́bà Gbọ̀ngán

Ẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn pé kí a má purọ́. Ṣùgbọ́n inú ìwé àdéhùn wọn fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n má gba ẹ̀bi. Mo ti kà á lójú ara mi. Èwo wá ni kí n gbà?

* * *

Awonòfò

Òótọ́ ni ó wà níbẹ̀, ẹ sì ṣeun tí ẹ mẹ́nu bà á, nítorí ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í lóye nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kí ẹ má gba ẹ̀bi, kí ẹ má ṣèlérí owó, kí ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà láìjẹ́ pé àwọn fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ń sọ ni awakọ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá gáréèjì wọn, ọlọ́pàá tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ kíákíá. Wọn ò ní kí ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́ fún àwọn fúnra wọn.

"Mo ń ya sí òsì" kì í ṣe gbígba ẹ̀bi. Ohun tí ọkọ̀ ṣe ni. "Èmi ni mo jẹ̀bi nítorí pé mo yà" ni gbígba ẹ̀bi, ẹ kò sì gbọdọ̀ kọ ìyẹn, nítorí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni "awakọ̀ Máíkírà jẹ̀bi" àti "ó ń sáré àsápajúdé". Ẹ ò ní ohun tí ẹ fi wọn eré rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí, kí ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

* * *

Ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun. Ní ọdún tó kọjá, mo gbá ẹ̀yìn jíìpù kan. Wọ́n ní bí n kò bá fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé màá sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ méje, ọkọ̀ mi kò ní kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo gbé kíléèmù lọ, ilé iṣẹ́ mi ní mo ti ṣèlérí láìsọ fún àwọn. Mo ti ná owó ara mi. Ṣé ó ṣì lè ní àtúnṣe, Ẹ̀gbọ́n?

* * *

Awonòfò

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó lè ní, ó sì lè má ní. Ẹ kọ ìwé àlàyé mìíràn tó sọ ohun tó mú yín fọwọ́ sí i: ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n sọ fún yín nípa ọkọ̀ yín. Ẹ so fọ́tò ìwé náà mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ kan á rò ó, òmíràn á di àdéhùn mú. N kò lè sọ èyí tí tiyín máa ṣe. Ẹ tún lè kọ̀wé sí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì, wọ́n máa ń gba ẹ̀sùn lórí kíléèmù.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá bá, kí ó pe ilé iṣẹ́ rẹ̀ láti inú àgọ́ náà kí ó tó mú bírò.

* * *

Ìyá Sùúrù

Ẹ kú àlàyé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo san fún tèmi. Ṣé àwọn náà á tún ọkọ̀ mi ṣe tí mo bá ya àwòrán dáadáa?

* * *

Awonòfò

Rárá o, Màmá. Tọ́ọ̀dì-pátì nìyẹn. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni tọ́ọ̀dì-pátì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni ti di ₦15,000. Ohun ìní ẹlòmíì tí ẹ bá bà jẹ́ ni wọ́n ń san, kò sì ní ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Bí ẹlòmíì bá gbá yín, inṣọ́ránsì onítọ̀hún lẹ máa lọ bá. Nítorí náà, àlàyé tiyín tilẹ̀ gbọ́dọ̀ yéni ju ti ẹni tó ní ńlá lọ, torí ilé iṣẹ́ tí kò mọ̀ yín rí lẹ máa gbé e fún. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ lè wò ó ní askniid.org bóyá inṣọ́ránsì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ó ti yé mi, màá kọ pé mo ń yà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, mo wo díńgí kí n tó yà, n kò rí Máíkírà kankan. Kì í ṣe irọ́. Òun ni mo ṣe kọ pé ó ṣàdédé yọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn kí wọ́n tó gbà mí gbọ́?

* * *

Awonòfò

Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n "ṣàdédé" kì í ṣe ibì kankan lójú títì. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti ibìkan yọ. Ẹ di ojú yín, kí ẹ padà sínú díńgí yẹn. Kí ni ẹ rí nínú rẹ̀?

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Tipà. Tipà tó kó yanrìn ló wà lẹ́yìn mi, iwájú rẹ̀ ló kún inú díńgí. Mo rántí pé tapólì tó fi bo yanrìn ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

* * *

Awonòfò

Ẹ rí i? Ohun tó sọnù nínú ìwé yín nìyẹn. Kí tún ni ẹ ṣe kí ẹ tó yí ọwọ́ ọkọ̀? Ṣé ẹ dúró de ohunkóhun?

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Mo rọra dín eré kù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lódìkejì, ó gbé obìnrin kan àti àpò ẹ̀pà. Mo jẹ́ kó kọjá, mo wá yà. Imú ọkọ̀ mi ti wọ ìlà kejì kí n tó gbọ́ fèrè, fèrè náà àti ariwo ìkọlù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà.

* * *

Awonòfò

Ìtàn náà ti pé báyìí, ẹ sì lè rí i fúnra yín. Ẹ dín eré kù, tipà dín eré kù lẹ́yìn yín. Máíkírà wà lẹ́yìn tipà, kò rí yín, tipà ló ń wò. Ọ̀kadà ń bọ̀, nítorí náà kò lè jáde. Bí ọ̀kadà ṣe kọjá báyìí, ìlà kejì ṣófo, àyè kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì rí. Ẹ̀yin yà wọ ọ́, òun jáde sínú rẹ̀ láti ófátéèkì. Ọkọ̀ tó ń sá ogójì kìlómítà ní wákàtí kan máa ń rin mítà mọ́kànlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti ẹ̀yìn tipà dé ilẹ̀kùn yín kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ó fi hàn pé ẹ wo díńgí lóòótọ́, ẹ kò sì rí i lóòótọ́.

Ẹ má kọ ìṣirò tí mo ṣe yìí sínú ìwé o. Ìméfò tèmi ni, ẹ ò rí Máíkírà lẹ́yìn tipà lójú yín. Ẹ kọ tipà, ẹ kọ ọ̀kadà, ẹ kọ fèrè, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn. Ẹni tó bá kà á á ṣe ìṣirò tirẹ̀.

* * *

Dẹ́rẹ́bà Gbọ̀ngán

Mo gbà fún yín lórí èyí. Àwa awakọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹ̀yìn tipà kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ẹni tó wà níwájú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé wọ́n á bi í nípa tiráfíkétọ̀. Tí awakọ̀ tipà bá sọ pé òun ò rí iná, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Mi ò rántí bóyá mo tan tiráfíkétọ̀. Mo máa ń tàn án. Àbúrò mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mo tàn án, ó ní òun gbọ́ táká-táká rẹ̀. Ṣé kí n kọ pé mo tàn án?

* * *

Dẹ́rẹ́bà Gbọ̀ngán

Kọ ọ́! Àbúrò ẹ gbọ́ ọ. Ta ló fẹ́ sọ pé irọ́ ni?

* * *

Awonòfò

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà: "Mo máa ń tan tiráfíkétọ̀ kí n tó yà, ṣùgbọ́n n kò lè sọ dájúdájú pé mo tàn án lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi sọ pé òun gbọ́ ọ." Ìwé tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ dájú ṣáká máa ń mú ẹni tó ń kà á fura. Bí awakọ̀ tipà bá sì sọ pé òun ò rí iná, gbólóhùn yìí kò bà jẹ́. Ṣùgbọ́n "mo tàn án" bà jẹ́, ó sì fẹ́ ba ìyókù jẹ́.

* * *

Ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. Ẹni tó ń yà tí kò tan iná ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Tí ó bá ti kọ pé òun ò dájú, ó ti fún àwọn ará Máíkírà ní ọ̀bẹ. Kí ó má kọ nǹkankan nípa rẹ̀, kí wọ́n fẹnu ara wọn bi í.

* * *

Awonòfò

Mo gbọ́ yín. Mo mọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí tí wọ́n á gbè yín. Ṣùgbọ́n wọ́n máa bi í, ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tilẹ̀ ní àyè fún un. Ìdáhùn tó bá ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìjàm̀bá lágbára ju èyí tí wọ́n fi ìbéèrè fà jáde lẹ́yìn oṣù kan. Ọwọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí àwòrán. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, wọn ò wá ayàwòrán. Ẹ padà síbẹ̀ ní irú aago kan náà pẹ̀lú ẹni kan tí yóò máa wo ọkọ̀ fún yín. Ẹ wá ohun tí kò lè rìn kúrò: géètì ilé epo, òpó iná, etí gọ́tà. Lára wọn lẹ máa ti wọn gbogbo nǹkan. Ẹ fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "ìṣísẹ̀ mi mẹ́rìnlá, nǹkan bíi mítà mẹ́wàá." Ẹ wo ilẹ̀ bóyá ẹ ṣì máa rí èérún gíláàsì iná iwájú. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í sábà rìn jìnnà, ibi tó bá pọ̀ sí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti pàdé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá ya àwòrán mẹ́ta lórí abala ìwé kan, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́: kí ẹ tó yà, ọkọ̀ yín, tipà lẹ́yìn, ọ̀kadà lódìkejì. Èkejì: ìgbà tí wọ́n pàdé, ẹ fi àmì X sí ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn. Ẹ̀kẹta: ibi tí oníkálukú dúró sí. Àpótí kékeré ni ọkọ̀, ẹ kọ A sínú tiyín, B sínú Máíkírà, ẹ fi ọfà hàn ibi tí oníkálukú kọjú sí. Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé àwọn ènìyàn máa ń ya ìkọlù nìkan, wọ́n á gbàgbé ọfà, ẹni tó ń wò ó kò wá ní mọ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ẹ má ya Máíkírà sínú àwòrán àkọ́kọ́, ẹ ò rí i nígbà náà. Ẹ kọ sísàlẹ̀ pé kì í ṣe ìwọ̀n gidi, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yà á àti ọjọ́ tí ẹ lọ wọ̀n ọ́n.

* * *

Ará Kútọnu

Lọ́dọ̀ wa níbí, ìwé kan ló wà tí àwa awakọ̀ máa ń fi sínú ọkọ̀, kọ́ńsítà là ń pè é. Awakọ̀ méjèèjì ló ń kọ iwájú rẹ̀ pọ̀ lójú ibẹ̀, àwòrán wà ní àárín, a jọ fọwọ́ sí i, oníkálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni oníkálukú ti ń kọ tirẹ̀ nílé. Tí a bá ti ya ẹ̀dà méjèèjì, kò sí ẹni tó tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan iwájú. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe irú rẹ̀?

* * *

Awonòfò

Ó dára gan-an, ó sì wù mí kí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Nílẹ̀ Nàìjíríà, oníkálukú ló ń kọ tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tirẹ̀, ọlọ́pàá ń kọ tiwọn. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń tako ara wọn. Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé, bí aago tàbí ibi tí ọlọ́pàá kọ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má yí tiyín padà kí ó lè bá a mu. Ẹ kọ ọ́ pé ó yàtọ̀ àti ìdí tí ẹ fi gbà pé tiyín ló tọ̀nà.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Mo ti lọ. Gíláàsì ṣì wà níbẹ̀, inú ìlà kejì ló wà, ní iwájú géètì gan-an. Ní ti ẹlẹ́rìí, mo bá ìyá oníbọ̀ọ̀lì àti ọmọkùnrin tó ń ṣe píọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ìyá náà ní òun rí gbogbo ẹ̀, pé eré Máíkírà náà kọjá sísọ. Ó ti ṣe tán láti fọwọ́ sí i.

* * *

Awonòfò

Níbo ni ìyá náà jókòó sí, kí ló sì ń ṣe nígbà tó ṣẹlẹ̀?

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ó ń yí bọ̀ọ̀lì lórí iná. Ẹ̀yìn ló kọ sí títì... Ó ní ariwo ìkọlù ló mú òun yíjú.

* * *

Awonòfò

Á jẹ́ pé ó gbọ́, kò rí. Ìyẹn náà wúlò: ó lè sọ bóyá òun gbọ́ fèrè ṣáájú ariwo, àti ibi tí ọkọ̀ méjèèjì dúró sí. Ẹ kọ ìyẹn fún un, ẹ má kọ eré. Bí wọ́n bá pè é tí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè tí mo bi yín yìí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wó, á sì wó lé tiyín lórí.

Ọmọ píọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ má bi í pé "àbí o rí i pé mo tan iná?" Ẹ ní kí ó sọ ohun tó rí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ibi tó dúró sí, iye ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi gíláàsì, àti bóyá ohunkóhun dí i lójú. Ẹ sì sọ bóyá ó mọ̀ yín tẹ́lẹ̀.

* * *

Ìyá Sùúrù

Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ fún ènìyàn ní nọ́ńbà wọn nítorí ọlọ́pàá. Ṣé kò dáa kí ó fún ọmọ náà ní nǹkan díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀?

* * *

Awonòfò

Màmá, kí ó má fún un ní kọ́bọ̀ o. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n fún lówó ti di ẹlẹ́rìí tí wọ́n rà. Ẹ sọ fún un pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ló máa pè é, lórí fóònù ni wọ́n sì sábà máa ń bá irú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ó kọ̀ láti fún yín ní nọ́ńbà, pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn débẹ̀.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Ó fún mi. Ó ní òun rí tipà tó dín eré kù, òun sì rí Máíkírà tó yọ sí òsì tipà. Ó ní òun ò wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, nítorí náà òun ò mọ̀ nípa iná. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi wo èyí:

"Ní Sátidé, ní nǹkan bí aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀, mo ń wa Kòróllà mi lọ láti Ẹlẹ́yẹlé sí ọ̀nà Ológunẹ́rú. Òjò kò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ, ojúmọ́ ti mọ́. Àbúrò mi obìnrin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fẹ́ ya wọ ilé epo lápá òsì. Mo dín eré kù títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, mo sì wo díńgí. Tipà tó kó yanrìn ló wà lẹ́yìn mi, n kò rí ọkọ̀ mìíràn. Mo jẹ́ kí ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ lódìkejì kọjá. Lẹ́yìn tó kọjá, ìlà náà ṣófo níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mo máa ń tan tiráfíkétọ̀ kí n tó yà, ṣùgbọ́n n kò lè sọ dájúdájú pé mo tàn án lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi sọ pé òun gbọ́ ọ. Nígbà tí imú ọkọ̀ mi ti wọ ìlà kejì, mo gbọ́ fèrè lápá òsì mi, lójú kan náà ni apá ọ̀tún iwájú Máíkírà gbá ilẹ̀kùn mi àti fẹ́ńdà. N kò rí Máíkírà kí ó tó gbá mi. Ọkọ̀ mi dúró níbẹ̀, ó kọjú sí géètì. Máíkírà lọ síwájú, ó sì dúró pẹ̀lú táyà iwájú kan nínú gọ́tà apá òsì. Láti ibi gíláàsì dé ibi tó dúró jẹ́ ìṣísẹ̀ mi mẹ́rìnlá, nǹkan bíi mítà mẹ́wàá. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìjàm̀bá, ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n wà lórí àwòrán. Ẹnikẹ́ni kò fara pa."

* * *

Awonòfò

Ó dára. Bí mo bá ṣì wà níbi iṣẹ́, mi ò ní dá èyí padà. Nǹkan méjì péré: ẹ kọ déètì ọjọ́ náà ní kíkún dípò "Sátidé", kí ẹ sì fi kún un pé ẹ kò mọ ẹni tó ń wa tipà. Bí kò bá sí nínú ìwé, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Bí ẹ bá tún rántí nǹkan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sílẹ̀, ẹ má tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ẹ kọ abala mìíràn, ẹ fi déètì sí i, kí ẹ pè é ní àfikún.

* * *

Ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá

Mo ṣì ní kí ó yọ gbólóhùn tiráfíkétọ̀ yẹn kúrò.

* * *

Ọmọ Ẹlẹ́yẹlé

Mo ti rò ó lálẹ́ àná, mo fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun kan tún ṣẹlẹ̀: nígbà tí mo ń kó fọ́tò jọ láàárọ̀ yìí, mo rí ọ̀kan tí àbúrò mi yà nígbà tí èrò ń pé jọ. Ẹ̀yìn tipà náà wà ní igun fọ́tò. Tapólì bo apá kan nọ́ńbà rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà méjì hàn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì so ó mọ́ ìwé náà.